Owó ìpolówó ọjà: ṣé ká gé e lára owó tó wọlé ni, àbí ká kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe?

Onípékeré Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìpékeré ni a ń dín ní Ìbàdàn. A ń dì í sínú náílọ́ọ̀nù, a sì ń kó o fún ṣọ́ọ̀bù bí 140. Lọ́dún tó kọjá a ta páálí 5,000. ₦9,600 là ń ta páálí kan, ìyẹn ₦48 mílíọ̀nù lápapọ̀. Lọ́dún yìí a fẹ́ ta páálí 6,800. Ọkọ mi ní ká ya ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé sọ́tọ̀ fún ìpolówó, kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi rò pé iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ kà, ká tó mọ iye tó máa gbà. Èwo ló dára jù fún ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń dàgbà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo bẹ̀ kó dá mi lóhùn.

Olómi Ṣàgámù

Ọkọ yín ló tọ̀nà, màdáámù. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta omi inú ọ̀rá, ìdá 5 ni mo ń gé, n kò yẹ̀ ẹ́ rí. Bí owó oṣù kan bá ti pé, màá ti yọ ọ́ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ kí ọwọ́ mi tó kàn án. Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta ìpolówó kò mọ ibi tí wọ́n ń dúró. Àwọn rédíò á wá, oní-pátákó ojú títì á wá, àwọn ọmọ yunifásítì á ní ká wá ṣe onígbọ̀wọ́ àríyá àwọn. Bí owó kò bá ní ààlà, gbogbo wọn lèèyàn máa dá lóhùn. Tí ọjà bá tà, owó ìpolówó á pọ̀ sí i. Tí kò bá tà, á dín kù, ẹ kò sì ní jẹ gbèsè.

Alájàpá Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ọdún mẹ́rìnlá kó bisikíìtì àti súwíìtì kiri ṣọ́ọ̀bù fún ilé-iṣẹ́ kan kí n tó dá dúró, ohun tí ojú mi rí lójú títì ni mo máa sọ.

Olómi, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ààlà yẹn, màá padà sórí rẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni gbólóhùn tí ẹ fi parí. Ìdá tí ẹ ń gé ń wo ọjà tó ti tà, kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ tà. Oṣù tí ọjà bá dákẹ́ ni owó ìpolówó yín máa gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé oṣù yẹn gan-an ni ẹlòmíì ń kó omi tirẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù yín.

Màdáámù, n kò lè fún yín ní iye kankan báyìí. Ẹ bá mi wá nǹkan mẹ́ta nínú ìwé yín ná. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ gbogbo ohun tí páálí kan ń jẹ, èló ló ń ṣẹ́ kù? Nínú ṣọ́ọ̀bù 10 tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, mélòó ló máa ń tún ọjà rà? Èló sì lẹ ń ná kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù kan?

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ máa fi owó ìpolówó yẹn kún iye tí ẹ ń ta páálí ni? Nítorí èmi fi ₦1,000 lé aṣọ kọ̀ọ̀kan, àwọn oníbàárà mi sì pariwo. Mo polówó lórí Ínstágíráàmù lóṣù kan, ₦150,000, wọ́n tún fi owó orí ìdá 7.5 lé e, ó di ₦161,250. Èèyàn tó lé ní 200 kọ̀wé sí mi, 9 péré ló ra aṣọ. Èrè mi lórí aṣọ kan jẹ́ ₦8,000. Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀, inú mi bàjẹ́ gan-an, n kò sì polówó mọ́ láti ìgbà náà.

Alájàpá Àgbà

Àǹtí Aláàdìrẹ, ìbéèrè màdáámù yàtọ̀ sí tiyín díẹ̀: òun ń wá iye tó yẹ kí òun ná, ẹ̀yin ń wá ibi tí ẹ máa ti rí i gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo tiyín fínnífínní. Àwọn 9 yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti padà wá ra aṣọ?

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mẹ́rin padà wá. Ọ̀kan ra aṣọ ẹbí. Bí mo bá ka gbogbo èyí tí àwọn mẹ́rin náà ti rà lẹ́yìn náà, aṣọ 14 ni.

Alájàpá Àgbà

Ìyẹn ni pé aṣọ 23 lẹ rí tà lórí owó yẹn, kì í ṣe 9. Ẹ fi ₦8,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ₦184,000 ni. Ẹ ti gba owó yín, ó sì lé ní ₦22,000. Ó kéré, n kò ní kí ẹ jó, àmọ́ kì í ṣe òfò. Ẹ tètè pa ìwé dé kí oníbàárà tó padà ni. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tí ìpolówó mú wá sí ojú ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa wò ó fún oṣù mẹ́fà.

Onípékeré Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo jókòó ti ìwé lálẹ́ àná. Lórí páálí kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, náílọ́ọ̀nù, owó àwọn tó ń dín in àti ti ọkọ̀ ń jẹ ₦6,700. Ó ń ṣẹ́ ku ₦2,900. Owó ilé, owó oṣù àwọn ti ọ́fíìsì àti dísẹ́ẹ̀lì kò sí nínú ìyẹn, àwọn yẹn ń gba ₦9 mílíọ̀nù lọ́dún bí ọjà tà bí kò tà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù 10 tí a bá wọ̀, 6 ló máa ń pè wá fún ẹ̀ẹ̀kejì. Iye tí a ń ná láti wọ ọ̀kan, n kò ṣírò rẹ̀ rí àfi ìgbà tí ẹ bi mí. Ọkọ̀ àti oúnjẹ ọmọ tó ń lọ, ₦3,000. Ìlàjì páálí tí a ń tú fún ìtọ́wò, ₦3,350 ló ná wa. Irin tí wọ́n ń fi ìpékeré kọ́ àti pósítà, ₦4,500. Àpapọ̀ ₦10,850.

Mo wá rí nǹkan mìíràn tó bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tó kọjá, páálí 4,700 la tà, ₦7,200 ni páálí kan nígbà yẹn. Owó tó wọlé jẹ́ nǹkan bíi ₦34 mílíọ̀nù. Ó wá di 48, gbogbo wa sì ń dúpẹ́ pé ọjà ti gbòòrò. Páálí 300 péré ló lé!

Alájàpá Àgbà

Ohun tó bà yín lẹ́rù yẹn ni mo máa ń wá nínú ìwé ẹnikẹ́ni tó bá ń fi owó tó wọlé díwọ̀n. Tí ẹ bá ti ń gé ìdá 8 láti ọdún méjì sẹ́yìn, owó ìpolówó yín ì bá ti kúrò ní ₦2.7 mílíọ̀nù bọ́ sí ₦3.84 mílíọ̀nù. Mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lé e, ọjà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lé. Ọ̀wọ́n gógó ló gbé owó yín sókè. Ní ìlú tí owó náírà kò dúró sójú kan, páálí ni kí ẹ máa kà.

Olómi Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká fi apá kan sílẹ̀. Pósítà tí mo tẹ̀ ní ₦200 nígbà kan ti di ₦450. Àwọn rédíò náà ti fi owó kún owó. Bí owó mi kò bá gòkè pẹ̀lú ọ̀wọ́n, iye pósítà tí mò ń tẹ̀ á máa dín kù lọ́dọọdún. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ń bá mi gbé e sókè láìjẹ́ pé mo ronú sí i.

Alájàpá Àgbà

Ẹ jàre níbẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kó gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan máa rí iye tí pósítà jẹ́ lónìí, kó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní fi ìdá ọdún tó kọjá méfò.

Ọmọ Ìbàdàn ní Pẹ́kàmù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìpolówó ni mò ń ṣe níbí. Ọ̀pọ̀ ìdá tí ẹ ń gbọ́ kiri wá láti inú ìwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Gátínà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ìpolówó lọ́dọọdún. Ní 2020 wọ́n ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé ni, ní 2021 ó já sí 6.4, ní 2023 ó jẹ́ 9.1, ní 2024 ó tún wálẹ̀ sí 7.7. Ẹ wo bó ṣe ń fò sókè sódò. Àwọn tí wọ́n bi léèrè jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí owó ọdọọdún ọ̀pọ̀ wọn lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Gbogbo ilé ló ti mọ ọjà wọn. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ní Àpáta kò lè fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà kejì o. Mo ti rí oníbàárà tó kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ní ojú ewé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ dára, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju èrè ọdún kan lọ. Kò sí ohun tó so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ iye ọjà tó máa tà. Ó kàn kọ ohun tó wù ú ni.

Alájàpá Àgbà

Ìwọ gan-an lo sọ ibi tí ọ̀nà kejì ti ń dà ọ̀pọ̀ èèyàn. Màdáámù, ẹ jẹ́ ká wá fi ti yín ṣe é, kí ẹ mú bírò.

Ẹ fẹ́ fi páálí 1,800 kún ti àná. Ẹ gbà pé ṣọ́ọ̀bù tuntun tó bá dúró máa ra páálí 2 lóṣù, nítorí 3 ni àwọn ti àtijọ́ ń rà, ẹni tuntun kò lè yára tó wọn. Ẹ kò lè wọ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, ẹ máa tò ó sí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kan máa ní bí oṣù mẹ́sàn-án láti fi rà kí ọdún tó pé. Páálí 18 nìyẹn. Tí ẹ bá fi 18 pín 1,800, ṣọ́ọ̀bù 100 tó dúró ni ẹ nílò. Nínú 10, 6 ló ń dúró. Kí 100 tó dúró, ẹ máa wọ 167. Ẹ fi ₦10,850 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦1.81 mílíọ̀nù.

Lódì kejì, páálí 1,800 máa ṣẹ́ ku ₦5.22 mílíọ̀nù fún yín, ní ₦2,900 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ ti máa mọ ààlà nìyẹn, Olómi: ohun tó máa ṣẹ́ kù lórí ọjà tuntun ni ògiri tí owó ìpolówó kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Iye kan ló wà tí gbogbo ìṣirò yìí dúró lé, mẹ́fà nínú mẹ́wàá yẹn. Àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ yín lẹ ti rí i. Ní àdúgbò tuntun ó lè jẹ́ 4, ẹ máa wọ ṣọ́ọ̀bù 250 nígbà náà, ₦2.71 mílíọ̀nù, ó ṣì dára. Tó bá jẹ́ 2, ṣọ́ọ̀bù 500 ni, ₦5.43 mílíọ̀nù, ẹ ti kọjá ògiri. Nítorí náà ẹ má kó gbogbo owó jáde. Ẹ wọ 20 péré ní àdúgbò tí ẹ kò sí rí, ₦217,000. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ má pè wọ́n, kí ẹ má fi àwìn rọ̀ wọ́n, kí ẹ ka iye tó fúnra rẹ̀ pè yín. Ṣọ́ọ̀bù tó gba páálí kejì nítorí ọmọ yín bẹ̀ ẹ́ kò tíì ra ohunkóhun. Páálí ti lọ síbì kan jókòó ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n tí ẹ bá dé ibẹ̀ tí eruku ti bo náílọ́ọ̀nù.

Olómi Ṣàgámù

₦1.81 mílíọ̀nù nínú 48 jẹ́ ìdá 3.8. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún náà la padà bọ́ sí!

Alájàpá Àgbà

Ó jáde ní òpin ìṣirò, kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ 25 ló jáde ni, màá ní kí màdáámù padà wo ohun tó kọ.

Onípékeré Ìbàdàn

Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi. Ìbéèrè kan ló bi mí tí n kò lè dáhùn: páálí mélòó la lè dín? 24 lójúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Tí mo bá ka ọ̀sẹ̀ 50, páálí 6,000 ni. Ibo la ti máa rí 6,800?

Nǹkan mìíràn tún ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wà lójú kan. Ìgbà tó bá wọ́n, ohun tó ń ṣẹ́ kù lórí páálí máa ń wálẹ̀ sí ₦1,700.

Alájàpá Àgbà

Ọkọ yín ṣeun. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n ti bi yín kí n tó mú bírò, ẹ dárí jì mí. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ kan tó polówó títí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ń pè é, tí kò rí ọjà kó fún wọn. Oní-ṣọ́ọ̀bù tó bá pè yín lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ kò wá, ìpékeré ẹlòmíì ló máa fi kọ́ orí irin tí ẹ fi owó yín rà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi páálí 6,000 ṣe àfojúsùn. 1,000 ló lé nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù 56 tó dúró, ẹ máa wọ 93, owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦1.01 mílíọ̀nù. Tàbí kí ẹ máa dín ní Sátidé, páálí 1,200 ni Sátidé máa fi kún un lọ́dún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbà ní Sátidé, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,900 fún àwọn páálí yẹn.

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ní ìgbà tó bá pọ̀. Tí ó bá jẹ́ ₦1,700 ló ń ṣẹ́ kù, páálí 18 ti ṣọ́ọ̀bù kan á mú ₦30,600 wá dípò ₦52,200, bẹ́ẹ̀ ₦10,850 yẹn kò ní dín. Ẹ sì rántí pé àwìn oṣù kan lẹ máa fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù 100 tó ń gba páálí 2 máa mú ₦1.34 mílíọ̀nù yín dání nígbàkígbà. Kì í ṣe owó ìpolówó, ṣùgbọ́n àpò kan náà ló máa ti jáde.

Ọmọ Ìbàdàn ní Pẹ́kàmù

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo owó yẹn ń lọ sọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Àwọn 140 ti àtijọ́ ńkọ́? Àwọn ló ń gbé ilé-iṣẹ́ ró. Tí 20 nínú wọn bá kúrò, tí kálukú ń ra 3 lóṣù, páálí 720 ti lọ lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún páálí 1,800 tí wọ́n fẹ́ fi kún un tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí owó kan wà fún pípààrọ̀ pósítà tó ti ya àti ìtọ́wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Alájàpá Àgbà

Mo gbà fún ọ. Màdáámù, mélòó ló kúrò lọ́dún tó kọjá?

Onípékeré Ìbàdàn

N kò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan kúrò, a kàn ń rí àwọn mìíràn dípò wọn ni. Màá ní kí akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti oṣù yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rédíò ńkọ́? Wọ́n ní ká san ₦600,000 fún jíńgù oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi fẹ́ ẹ gan-an. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ni mo máa kọ sí iwájú rẹ̀?

Alájàpá Àgbà

N kò rí iye kankan tí mo lè kọ síbẹ̀. Gbogbo Ìbàdàn ló ń gbọ́ rédíò, ẹ kò lè yà á sọ́tọ̀ pé Àpáta gbọ́, Akóbọ̀ kò gbọ́. ₦600,000 á gbé yín wọ ṣọ́ọ̀bù 55. Èmi á kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ìbàdàn ní Pẹ́kàmù

Èmi kò bá yín lọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Oní-ṣọ́ọ̀bù tó ti gbọ́ orúkọ ìpékeré yẹn lórí rédíò kò ní lé ọmọ tó gbé e wá. Ó lè sọ 4 nínú 10 di 6. Ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù 20 kí jíńgù tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ 20 mìíràn ní àdúgbò tó jọ ọ́ nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ fi méjèèjì wéra.

Olómi Ṣàgámù

Mo ṣe jíńgù rí. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ kiri àdúgbò, inú mi dùn, ọjà kò sì lé. Ṣùgbọ́n omi ni tèmi, gbogbo omi inú ọ̀rá ló jọra lójú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìpékeré lè yàtọ̀.

Alájàpá Àgbà

Ṣọ́ọ̀bù 20 kéré jù láti fi dá ẹjọ́ rédíò. Tí 8 bá pè yín tẹ́lẹ̀, tí 10 wá pè yín lẹ́yìn jíńgù, ó lè jẹ́ pé ọmọ tó lọ lẹ́ẹ̀kejì mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Onípékeré Ìbàdàn

Ibi tí a fẹnu kò sí nílé rèé. Páálí 6,000 ni a máa lé lọ́dún yìí. Ṣọ́ọ̀bù 20 ní Akóbọ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́jà. Tí 8 kò bá fúnra wọn pè wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a máa dúró, a ò ní wọ ìkọkànlélógún. Ọkọ mi gbà pé ìdá 8 rẹ̀ di ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, kò pọn dandan ká ná an tán. Lórí rédíò, a kò tíì fẹnu kò.

Olómi Ṣàgámù

Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ọmọ tó ń kó ọjà lọ yẹn, ẹ ka ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, ẹ kò ka owó oṣù rẹ̀. Ṣé ó wà nínú owó ìpolówó ni, àbí nínú ₦9 mílíọ̀nù ti ọ́fíìsì?

Onípékeré Ìbàdàn

Ti ọ́fíìsì ló wà. ₦70,000 ló ń gbà lóṣù.

Alájàpá Àgbà

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń san án tẹ́lẹ̀ tí àyè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gba ọmọ kejì nítorí ṣọ́ọ̀bù 93 yìí, ₦420,000 oṣù mẹ́fà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. ₦1.01 mílíọ̀nù yẹn á di ₦1.43 mílíọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló lè wọ̀ lójúmọ́?

Onípékeré Ìbàdàn

Mẹ́ta, tí òjò kò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń kó ọjà fún àwọn 140. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ló ṣófo fún un.

Alájàpá Àgbà

Mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ 31 kó tó wọ 93 tán. Ẹ̀yin pẹ̀lú ọkọ yín máa tún jókòó nìyẹn.